Ìfilọ̀ Ṣọ́ọ̀bù Tuntun: Ọ̀nà Ibẹ̀, Aago Ibẹ̀, Èènì Ibẹ̀

Ìwé ìpolówó kan lè wà lára òpó iná ní Sángo, n'Ìbàdàn, tó gbé àwòrán ìyá tó wé gèlè, tó kọ orúkọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ gàdàgbà gàdàgbà, tó sì fi àdúrà parí. Ẹni tó bá kà á tán á ṣe àmín, á sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Kò sí ibì kan nínú ìwé náà tó ti rí bí yóò ṣe dé ṣọ́ọ̀bù náà, aago tí yóò bá wọn níbẹ̀, tàbí ohun tí yóò mú un lọ lọ́sẹ̀ yìí dípò oṣù tó ń bọ̀.

Ohun mẹ́ta yìí gan-an ni iṣẹ́ ìfilọ̀ ṣọ́ọ̀bù tuntun. Kí a lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, ká fi ṣọ́ọ̀bù kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá kan gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbowó, tó fẹ́ máa ta gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì àti epo pupa. Òun nìkan ni yóò máa dá ọjà tà, àfi ìrọ̀lẹ́ tí ọmọ rẹ̀ bá ti ilé-ìwé dé. Owó tó yà sọ́tọ̀ fún ìpolówó kò ju èyí tó tó tẹ ìwé pélébé pélébé díẹ̀ lọ. Àwọn mìíràn sì ti ń ta irú ọjà rẹ̀ ládùúgbò kó tó dé.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ojú ọ̀nà.

Bí ẹsẹ̀ yóò ṣe débẹ̀

Nọ́ńbà ilé àti orúkọ òpópónà wúlò fún báńkì àti fún ẹni tó fẹ́ fi orúkọ òwò sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba. Ẹni tó ń bọ̀ wá ra kóńgò gàrí méjì kì í fi wọ́n wá ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ òpópónà ló wà n'Ìbàdàn tó ní orúkọ lórí ìwé, àmọ́ tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò fi pè é rárá. Bí àjèjì bá fi irú orúkọ bẹ́ẹ̀ bèèrè ọ̀nà, wọ́n á ní kó lọ bèèrè níwájú.

Ohun tí ojú mọ̀ ni ará Ìbàdàn fi ń júwe ilé, ó sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀. Ìdí-Apẹ, Ìdí-Ìṣin, Ìdí-Ọ̀sẹ̀, Ìdí-Ayunrẹ́: igi tó wà níbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ibẹ̀ lórúkọ, torí pé igi ńlá kì í ṣí kiri, tonílé tàlejò ló sì ń rí i. Ọgbọ́n yìí ni kí oníṣọ́ọ̀bù lò. Kó kọ́kọ́ dárúkọ ohun tí gbogbo ìlú mọ̀, kó tẹ̀ lé e pẹ̀lú ohun tí àdúgbò mọ̀, kó wá fi ohun tí ojú yóò rí lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù kádìí rẹ̀.

Ní ti ìyá Agbowó, ohun tí gbogbo ìlú mọ̀ kò ṣòro. Géètì Yunifásítì Ìbàdàn ni. Ilé-ẹ̀kọ́ náà ti wà láti ọdún 1948, kò sì sí awakọ̀ Míkírà tó ń ná ọ̀nà Ọ̀jọ́ọ̀ tí kò mọ géètì rẹ̀. Èyí ṣe pàtàkì, nítorí pé ohun àkọ́kọ́ tí a bá kọ gbọ́dọ̀ jẹ́ orúkọ tí èrò ọkọ̀ lè pè fún dẹ́rẹ́bà kó tó pariwo “ó wà o!” Bí dẹ́rẹ́bà bá ní òun kò mọ ibẹ̀, ìjúwe ọ̀nà ti bàjẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Apá wo wá ni? Ibí ni ọ̀pọ̀ ìfilọ̀ ti ń ṣi ènìyàn lọ́nà. Ẹni tó ń kọ ọ́ máa ń kọ ọ́ bí ẹni tó dúró nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tó ń wo títì, a sì kọ “lápá ọ̀tún.” Oníbàárà kò tíì sí nínú ṣọ́ọ̀bù, inú ọkọ̀ ló wà. Ẹni tó ti Sángo bọ̀ yóò rí Agbowó lápá ọ̀tún, ẹni tó ti Ọ̀jọ́ọ̀ bọ̀ yóò rí i lápá òsì. Nítorí náà, ọwọ́ ọ̀tún tàbí ọwọ́ òsì kò ní ìtumọ̀ àfi tí a bá sọ ibi tí ènìyàn ti ń bọ̀. Èyí tó rọrùn jù ni láti kọ ọ́ pé “òdìkejì géètì,” torí òdìkejì kì í yí padà, ibi yòówù kí ọkọ̀ ti wá.

Ohun tí àdúgbò mọ̀ ló kàn. Ilé-ìtajà ńlá Agbowó, èyí tó kọjú sí géètì náà, kò fara sin fún ẹnikẹ́ni. Láti ibẹ̀ ni ìyá wa yóò ti mú oníbàárà wọ àdúgbò: òpópónà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mọ́ṣáláṣí tó wà nínú òpópónà náà, àti ilé tó tẹ̀ lé mọ́ṣáláṣí. Kó má kọ pé “kò jìnnà sí títì,” nítorí ohun tí kò jìnnà sí ẹni tó ní ọkọ̀ lè jìnnà sí ìyá arúgbó tó di ẹrù lọ́wọ́. Kó fi ẹsẹ̀ rìn ín fúnra rẹ̀, kó wo aago. Bó bá jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin, kó kọ ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Nǹkan tí a fi ń júwe ọ̀nà ní ewu tirẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn kan máa ń ṣí lọ. Ẹni tó ń ta búrẹ́dì lábẹ́ agboòrùn kì í sí níbẹ̀ lálẹ́, wọ́n sì lè fi ọ̀dà mìíràn kun géètì tí a pè ní géètì aláwọ̀ ewé. Àwọn mìíràn wà níbẹ̀, àmọ́ orúkọ wọn ti yí padà. Báńkì tí wọ́n ń pè ní Sikáì di Pọ̀láríìsì lọ́dún 2018. Dáyámọ́ńdì wọ inú Ásẹ́ẹ̀sì lọ́dún 2019. Ilé-epo tí àwọn àgbà mọ̀ sí Eé-Píì di Fọ́ọ̀tì lọ́dún 2010, ó tún padà di Eé-Píì ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà. Orúkọ àtijọ́ ni àgbàlagbà yóò pè, tuntun ni akẹ́kọ̀ọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí ìlú yóò rí lára pátákó. Bí kò bá sí ohun mìíràn láti fi júwe ju báńkì bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó kọ orúkọ méjèèjì: “Báńkì Pọ̀láríìsì, Sikáì àtijọ́.” Bí mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì, afárá tàbí ilé-ìwé bá wà nítòsí, wọ́n dára ju báńkì lọ.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló wà láti mọ̀ bóyá ìjúwe náà péye. Kó fún ẹni tí kò dé àdúgbò náà rí ní ìwé yẹn, kó ní kó wá, kó má sì dá a lóhùn lórí fóònù. Ibi tí onítọ̀hún bá ti dúró láti bèèrè ọ̀nà ni ọ̀rọ̀ kan ti sọnù nínú ìfilọ̀. Kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ náà kún un, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.

Fún àwọn tó ń fi fóònù wá ọ̀nà, àwòrán ilẹ̀ ti Gúgù a máa fún ibikíbi ní lẹ́tà àti nọ́ńbà kan tí wọ́n ń pè ní Plus Code, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí kò ti sí nọ́ńbà ilé pàápàá. Ìyá wa lè fi í sísàlẹ̀ ìfilọ̀ tó bá fẹ́ fi ránṣẹ́ lórí Wáásáàpù. Àmọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ni kó dúró sí nígbà tó bá ń mú un. Ẹni tó jókòó sílé tó tẹ bọ́tìnnì “ibi tí mo wà” yóò darí gbogbo oníbàárà sí pálọ̀ ara rẹ̀.

Aago tí ilẹ̀kùn yóò ṣí

“À ń ṣí lójoojúmọ́” kì í ṣe aago. Bẹ́ẹ̀ náà ni “láti àárọ̀ di alẹ́,” nítorí àárọ̀ ẹnìkan ni aago mẹ́fà, ti ẹlòmíràn ni aago mẹ́wàá. Oníbàárà tó bá wá tó bá àgádágodo lẹ́nu ilẹ̀kùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kì í sábà padà wá wò ó lẹ́ẹ̀kejì, pàápàá tó bá jẹ́ pé ó wọ ọkọ̀ wá.

Kí ìyá wa tó kọ aago kankan, ohun méjì ni yóò gbé yẹ̀ wò: ìgbà tí àwọn tó ń rajà ń kọjá, àti ìgbà tí òun alára kò ní lè sí níbẹ̀. Agbowó kún fún akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà yunifásítì. Ìrọ̀lẹ́ àti alẹ́ ni wọ́n ń padà sílé, tí wọ́n sì ń ronú ohun tí wọ́n máa sè. Bó bá ti ilẹ̀kùn ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, àwọn gan-an tó yẹ kó tà fún ni yóò sá mọ́ lójú. Nítorí náà, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ló bá a mu láti tì, kó sì ṣí ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ dípò aago mẹ́fà, kó lè rí ara gbé e.

Ìgbà tí kò ní sí níbẹ̀ ńkọ́? Ó gbọ́dọ̀ lọ sí ọjà Bódìjà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ láti ra ọjà kún ọjà, ó sì fẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Sọ́ńdè. Ká ní ó kọ́kọ́ rò pé òun lè padà dé láti Bódìjà ní aago mọ́kànlá ní Túsìdé, kí òun sì ṣí ní aago méjì ní Sọ́ńdè. Ìfilọ̀ rẹ̀ á ní aago mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, kò sì sí ẹni tí yóò rántí wọn. Bó bá fi aago kan ṣoṣo fún ọjọ́ méjèèjì, ìlà kan péré ló kù: “Túsìdé àti Sọ́ńdè, láti aago 1 ọ̀sán.” Ó pàdánù wákàtí méjì ní Túsìdé, ó jèrè kan ní Sọ́ńdè, oníbàárà sì lè fi orí gbé e. Mùsùlùmí tó ní ṣọ́ọ̀bù lè ṣe bákan náà, kó so aago Jímọ́ọ̀ rẹ̀ mọ́ ọjọ́ tó ń lọ ra ọjà, kó máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́ta ọ̀sán lọ́jọ́ méjèèjì.

Kí àárọ̀, ọ̀sán tàbí alẹ́ máa tẹ̀ lé nọ́ńbà nígbà gbogbo. “9 sí 9” lásán lè rú ẹni tó yára kà á lójú.

Ẹ̀dínwó tàbí èènì?

Níbi ọ̀rọ̀ owó ni ìṣirò wà, ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù tuntun sì ti ń jìn sí kòtò. Ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sí ọkàn ènìyàn ni láti dín iye ọjà kù. Ká fi owó ṣe é ká wò. Ká ní kóńgò gàrí kan jẹ́ ẹgbẹ̀rún náírà (₦1,000) lórí àtẹ ìyá wa, tó sì jẹ́ pé ₦850 ló dúró lé e lórí lẹ́yìn owó ọkọ̀ àti owó alábàárù. Èrè rẹ̀ jẹ́ ₦150. Bó bá kéde pé òun yọ ₦100 kúrò lórí kóńgò kọ̀ọ̀kan, oníbàárà yóò rò pé ìdá kan nínú mẹ́wàá péré ló yọ. Lọ́wọ́ tirẹ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta èrè rẹ̀ ló ti lọ. Ó kù ₦50. Kóńgò mẹ́ta ni yóò tà kó tó rí èrè kóńgò kan.

Ìṣòro méjì mìíràn tún wà lẹ́yìn èyí. Àkọ́kọ́ ni pé alátùntà tó wà ní ìsọ̀ kejì lè rán ọmọ wá, kó ra ogún kóńgò ní ₦900, kó lọ tà á ní ẹgbẹ̀rún. Ẹ̀bùn tí ìyá wa fẹ́ fi ṣe aládùúgbò lálejò yóò wọ àpò ẹnìkan ṣoṣo. Èkejì ni pé àwọn tó kọ́kọ́ mọ gàrí rẹ̀ sí ₦900 yóò sọ lọ́sẹ̀ kejì pé ó ti gbówó lé ọjà, nígbà tó jẹ́ pé iye tó yẹ kó jẹ́ ló padà sí.

Yorùbá ti ní ọ̀nà mìíràn tipẹ́, èyí ni èènì. Iye ọjà dúró síbi tó wà, wọ́n á wá bu díẹ̀ lé e fún ẹni tó rà. Ká ní agolo mílíìkì tí ìyá wa ń lò, mẹ́wàá rẹ̀ ló kún kóńgò kan. Agolo kan dúró lé e lórí ní ₦85. Bó bá kéde pé ẹni tó bá ra kóńgò méjì yóò gba agolo kan lé e, èrè kóńgò méjì jẹ́ ₦300, yóò yọ ₦85 kúrò, yóò ku ₦215. Bó bá jẹ́ ẹ̀dínwó ni, ₦100 péré ni ì bá kù fún un lórí kóńgò méjì yẹn. Òótọ́ ni pé ohun tí oníbàárà rí gbà nínú èènì kéré sí ti ẹ̀dínwó. Àmọ́ ojú rẹ̀ ló ṣe nígbà tí wọ́n ń bù ú lé e, ẹgbẹ̀rún náírà sì ni iye kóńgò tó ń gbé lọ sílé lọ́kàn.

Àǹfààní tó tóbi jù ni pé èènì ní òpin. Bí ìyá wa bá sọ pé ọgọ́rùn-ún ènìyàn àkọ́kọ́ ni, agolo kan sí ẹnìkan, ó ti mọ̀ kó tó ṣí ilẹ̀kùn pé owó tí òun yóò ná kò lè ju ₦8,500 lọ. Kó wọn agolo ọgọ́rùn-ún sínú àpò ọ̀tọ̀. Bí àpò yẹn bá tán, èènì parí. Nínú ìfilọ̀, kó kọ iye ènìyàn àti ọjọ́ tí yóò parí, nítorí bó bá kọ ọjọ́ nìkan, àpò lè tán ṣáájú ọjọ́, ìjà á sì bẹ̀rẹ̀.

Ohun kan wà tó lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àwọn tó ń rajà mọ kóńgò tí wọ́n ti lù wọnú nísàlẹ̀ kí ohun tó ń gbà má baà pọ̀. Ìyá ilé kan lè yí i padà, kó fi ọwọ́ kan ìdí rẹ̀ kó tó jẹ́ kí wọ́n wọn ọjà fún òun. Bí wọ́n bá bá irú kóńgò bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń pín èènì, wọ́n á mọ̀ pé gàrí àwọn fúnra wọn ló ń bù fún àwọn. Kóńgò tí ìdí rẹ̀ tẹ́jú ni kó gbé síta, níbi tí ojú gbogbo ènìyàn ti lè tó o.

Èènì kò bá gbogbo iṣẹ́ mu o. Onígbàjámọ̀ kò lè gé irun lé irun. Irú wọn lè fi iṣẹ́ kékeré mìíràn kún un, bíi kó fọ orí fún ẹni tó wá gé irun, kí iye iṣẹ́ gan-an má baà yẹ̀.

Bí ìfilọ̀ náà yóò ṣe rí

Bí ìyá wa bá kó gbogbo èyí jọ, ohun tí yóò wà lórí ìwé rẹ̀ kò ju báyìí lọ:

ṢỌ́Ọ̀BÙ OÚNJẸ TUNTUN NÍ AGBOWÓ
Gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, epo pupa
A ó ṣí ní Sátidé, ọjọ́ 5 oṣù Kẹsàn-án, aago 9 àárọ̀.
Ọ̀nà: Ẹ sọ̀ ní géètì Yunifásítì Ìbàdàn. Ẹ bọ́ sí òdìkejì, níbi Ilé-ìtajà Agbowó. Ẹ gba òpópónà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ wọlé títí dé mọ́ṣáláṣí. Ilé kejì lẹ́yìn mọ́ṣáláṣí ni, lápá kan náà. Ẹ ó rí agboòrùn pupa níwájú rẹ̀. Ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́rin láti títì.
Aago: Lójoojúmọ́, aago 9 àárọ̀ sí aago 9 alẹ́. Túsìdé àti Sọ́ńdè, láti aago 1 ọ̀sán.
Èènì ìṣíṣọ́ọ̀bù: Ẹ ra kóńgò gàrí méjì, ẹ gba agolo kan lé e. Fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn àkọ́kọ́, agolo kan sí ẹnìkan. Yóò parí ní Jímọ́ọ̀, ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án, tàbí tí ọgọ́rùn-ún bá pé ṣáájú.

Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ yóò wà nísàlẹ̀. Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù ló mú, torí owó oṣù ṣì wà lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọn kò sì lọ síbi iṣẹ́. Bí wọ́n bá tẹ ìfilọ̀ náà mẹ́rin mẹ́rin sójú ìwé kan tí wọ́n sì gé e, ìwé pélébé mẹ́rin ló rí nínú owó ẹyọ kan.

Lórí Wáásáàpù, ohun tí ènìyàn bá gbé sórí sítátọ́ọ̀sì a máa pòórá lẹ́yìn wákàtí 24. Ẹni tó gbé e síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ní Mọ́ńdè fún ọjà tí yóò ṣí ní Sátidé ti fi ọjọ́ mẹ́rin sílẹ̀ lófo. Alẹ́ Tọ́sìdé, alẹ́ Jímọ́ọ̀ àti àárọ̀ Sátidé ló yẹ kó gbé e síbẹ̀. Kó sì kọ ọ̀nà àti aago gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀, kó má fi gbogbo rẹ̀ sínú àwòrán nìkan, kí ẹni tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lè dà á kọ.

Òfin wà fún iye tí a bá kọ síta pẹ̀lú. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje òwò àti ààbò oníbàárà sọ pé olùtajà kò gbọdọ̀ gba owó tó ju èyí tó kọ sára ọjà lọ. Nítorí náà, bí ìwé tó gbé iye ìṣíṣọ́ọ̀bù bá ṣì wà lára ògiri lẹ́yìn tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá, ẹnu oníbàárà gbà á láti tọ́ka sí i. Èyí tún jẹ́ ìdí mìíràn tí èènì fi rọrùn ju ẹ̀dínwó lọ fún ẹni tó ń dá ọjà tà. Síbẹ̀, alẹ́ Jímọ́ọ̀ tí èènì bá parí ni kí ìyá wa àti ọmọ rẹ̀ lọ ká àwọn ìwé náà kúrò níta.

Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, kí ó máa bi ẹni tó bá gba agolo kọ̀ọ̀kan pé, “Níbo lẹ ti gbọ́?” kó sì máa fa ìlà kan sínú ìwé: ìwé pélébé, Wáásáàpù, ọ̀rẹ́, tàbí ẹni tó kàn ń kọjá lọ. Bó bá jẹ́ pé àwọn tó ń kọjá lọ ló pọ̀ jù, agboòrùn pupa yẹn ló ń ṣiṣẹ́, kó má gbé e wọlé. Bó bá jẹ́ Wáásáàpù ni, kó fi owó ìwé pélébé ti ìgbà mìíràn ra ọjà. Ìwé tí ó ká kúrò níta kò sì tíì di ìdọ̀tí. Bó bá gé ìlà èènì kúrò nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀nà àti aago ló kù, èyí tó lè máa fi sínú ọ̀rá gàrí fún oníbàárà láti mú lọ sílé.